Bí Ọmọ Yóò Ṣe Gbọ́ ọ Lẹ́nu Yín Kí Agboolé Tó Sọ ọ́ fún Un

Bí ìgbéyàwó bá fẹ́ tú ní Aiyetoro-Gbede, ọmọ ló máa ń gbọ́ gbẹ̀yìn, ẹnu òbí rẹ̀ kọ́ ló sì ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Ẹbí ọkọ ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ẹbí ìyàwó ti wá bẹ̀bẹ̀, pásítọ̀ ti dá sí i, àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́kọ́ja àti Àbújá ti tẹ̀ wọ́n láago títí. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà láàárín wọn mọ̀ kò ju pé àwọn àgbà máa ń dákẹ́ lójijì bí òun bá wọlé. Nígbà tó bá yá, aládùúgbò kan á pàdé rẹ̀ lọ́nà ilé ìwé, á kí i pé “Okun o,” á sì fi àánú bi í pé, “Ṣé lóòótọ́ ni màmá ẹ ń kó lọ sí Kabba?” Aládùúgbò náà kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yìí ti mọ ohun méjì: pé ilé wọn ń tú, àti pé bàbá òun àti ìyá òun mọ̀, wọn kò sọ fún òun.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ ṣe ní orí yìí ni pé kí ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó bí i kó tó gbọ́ ọ níta, ní ọ̀rọ̀ tí kò ní sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí fún ẹnì kan lórí ẹnì kejì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nígbà tí ìlàjà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ lónìí pé àwọn ń túká, tó tún padà wá sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí, tí wọ́n sì tún jà lóṣù kejì, ti kọ́ ọmọ náà pé kó má ṣe gba ohunkóhun tí òbí bá sọ gbọ́. Ẹ dúró títí ẹ̀yin méjèèjì fi mọ̀ dájú, títí ẹ fi mọ ọjọ́ tí ẹnì kan máa kó lọ àti ibi tó ń kó lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà gbà gbọ́ pé òun ló wà nídìí gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láyìíká òun. Bí ìyá bá sunkún lọ́jọ́ tóun fọ́ àwo, àwo náà ló fà á. Bí bàbá bá jáde nílé lálẹ́ ọjọ́ tóun kọ̀ láti jẹun, oúnjẹ náà ni. Bí kò bá sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un, kò ní ṣàìní àlàyé. Yóò ṣe tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì jẹ́ ọ̀daràn nínú ẹ̀. Ìdí nìyí tí dídákẹ́ kò fi dáàbò bo ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ní lọ́kàn nìyẹn. Dídákẹ́ yìí kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ní 2001, Judy Dunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtéènì tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí òbí wọn ti túká bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Nínú ọmọ 100, bí i 23 ló ní kò sẹ́ni tó bá àwọn sọ̀rọ̀ rárá. Bí i 45 ní gbólóhùn kan tàbí méjì ni wọ́n sọ fún àwọn. Márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní wọ́n ṣàlàyé fún àwọn dáadáa, tí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn béèrè ohun tó wà lọ́kàn àwọn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìdílé kan kalẹ̀ ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Iyara, inú agboolé bàbá rẹ̀ ní Aiyetoro-Gbede ni wọ́n ń gbé. Ìyá jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kabba, ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti ọkùnrin kan tó jẹ́ ọdún mẹ́ta. Màmá àgbà, ìyá ọkọ, ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn. Wọ́n ti pinnu pé ìyá yóò gba ilé sí Kabba, yóò sì kó lọ ní ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn ọmọ yóò wà ní ilé ìwé wọn ní Aiyetoro títí táàmù yóò fi parí, wọn yóò sì máa lọ sí Kabba láti ọ̀sán Jímọ́ọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó la ẹnu bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ màmá àgbà ni bàbá yóò kọ́kọ́ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń gbé ní fúláàtì, bàbá, ìyá àti ọmọ nìkan, kì í mẹ́nu ba èyí. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ bá fo màmá àgbà, iṣẹ́ yín já sófo. Òun ló ń wẹ̀ fún ọmọ, òun ló ń fún un lẹ́kọ láàárọ̀, òun sì ni ọmọ máa sá lọ bá lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán láti lọ wádìí bóyá òótọ́ ni. Bí ó bá dá a lóhùn pé, “Má dá wọn lóhùn, ìyá ẹ ló fẹ́ràn ìgboro,” ìjókòó ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló yẹ kó lọ bá a, kì í ṣe ìyàwó. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kó sì sọ ọ́ báyìí: “Màmá, mi ò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà pé ohun tí à ń ṣe dáa. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín sí ni àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé bàbá yín àti ìyá yín ti bá yín sọ ọ́, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló rí, èmi wà níbí, n ò lọ ibì kankan.” Gbólóhùn yìí kò ní kí màmá àgbà purọ́, kò sì ní kó fẹ́ràn ìyàwó. Ìyá náà ní iṣẹ́ kan náà láti ṣe lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tirẹ̀, nítorí ẹnu àwọn àbúrò ìyá mú lórí ọ̀rọ̀ bàbá.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá àti ìyá yóò wá jókòó láti fẹnu kò sí ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kà á sókè. Bí ẹ kò bá lè jókòó pọ̀ láìjà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ síra yín lórí fóònù títí tí ẹ ó fi gbà. Kò yẹ kó ju gbólóhùn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ. Èyí ni ti ìdílé àpẹẹrẹ wa, bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà náà:

“Bàbá àti Màmá ní ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ bá ẹ sọ. A ti pinnu pé a ò ní máa gbé inú ilé kan náà mọ́. Ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti ń bára wa jiyàn, a gbìyànjú ká tún un ṣe, àwọn àgbà náà bá wa gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Kì í ṣe nítorí ohunkóhun tí o ṣe, tàbí tí o sọ, tàbí tí o rò lọ́kàn. Kò sì sí ohun tí o lè ṣe tí yóò yí i padà, torí iṣẹ́ àgbàlagbà ni. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, Màmá yóò kó lọ sí ilé kan ní Kabba. Ìwọ àti àbúrò rẹ yóò máa sùn níbí lọ́jọ́ ilé ìwé, ẹ ó sì máa sùn lọ́dọ̀ Màmá ní Jímọ́ọ̀ àti Sátidé. Bàbá ni bàbá rẹ títí láé, Màmá ni màmá rẹ títí láé. O lè bínú, o lè sunkún, o sì lè bi wá ní ohunkóhun, lónìí tàbí nígbà mìíràn.”

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí owó, kò sí obìnrin mìíràn tàbí ọkùnrin mìíràn, kò sí ohun tí ìyá ọkọ ṣe. Wọn kò sì sọ pé “a ò nífẹ̀ẹ́ ara wa mọ́.” Ọ̀pọ̀ òbí rò pé gbólóhùn yẹn dára nítorí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé ìfẹ́ a máa tán. Bí ti Bàbá sí Màmá bá lè tán, tèmi náà lè tán lọ́jọ́ kan. Ẹ wo bí àwọn gbólóhùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “a” níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìpinnu. “Ó lé e,” “ó kọ̀ ọ́,” “ó sá lọ,” “ó kẹ́rù jáde”: gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń lò nígboro ló ní ẹni tó ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí, ọmọ á sì tètè mọ ẹni tó yẹ kóun bínú sí. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ kí ìgbéyàwó náà parí, ẹnì kejì lè sọ pé “a ti pinnu bí a ó ṣe máa gbé láti ìsinsìnyí,” òótọ́ sì ni.

Ẹ má ṣe sọ pé “kò sẹ́ni tó jẹ̀bi” bí ẹ kò bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti gbọ́ ariwo yín lóru mọ̀ pé ẹnì kan bínú sí ẹnì kan. Ohun tí à ń wá ni pé kí ẹ má ṣe gbé ìdájọ́ náà lé e lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá sọ ẹni tó ṣẹ̀, ẹ kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé “Màmá rìnrìn àjò, ó ń bọ̀ láìpẹ́,” irọ́ nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀ lágbègbè wa gan-an. Ọmọ tí wọ́n parọ́ yìí fún máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ bá ti dúró á sáré jáde. Bó bá wá mọ òótọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, yóò gbà pé ìyá òun ṣèlérí láti padà, kò sì padà. Ẹni tí kò sí nílé ni irọ́ náà dá lẹ́bi.

Ní ti àkókò, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹnì kan tó kó lọ tó fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojoojúmọ́ ni yóò máa bi yín bóyá ọ̀la ni. Fún àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó, gbólóhùn mẹ́ta sì tó: Màmá yóò máa sùn ní Kabba, Bàbá yóò máa sùn níbí, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ yóò máa lọ síbẹ̀, ẹ ó sì máa padà wá. Àárọ̀ Sátidé ló dára jù, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí kò sí ilé ìwé, tí ẹ̀yin méjèèjì kò sì níbi tí ẹ ń kánjú lọ. Ẹ má ṣe sọ ọ́ lálẹ́ nígbà tó fẹ́ sùn, ẹ má sì sọ ọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Àwọn ọmọ Gbede tó wà lẹ́yìn odi máa ń padà wálé nígbà náà, agboolé á kún, ọ̀rọ̀ á sì pọ̀ lẹ́nu àwọn àlejò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo Kérésìmesì tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn náà ni ọmọ yóò máa rántí.

Ẹ jókòó sí ibi tí ọmọ ti máa ń ṣeré, kì í ṣe pálọ̀ tí àwọn àgbà ti ń ṣe ìpàdé. Ẹ jókòó débi tí ojú yín yóò fi bá tirẹ̀ dọ́gba. Ẹnì kan sọ ìdajì, ẹnì kejì sọ ìyókù, kó má bàa dà bí ẹni pé ẹnì kan ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ọmọ bá dìde láàárín kan tó lọ mú bọ́ọ̀lù rẹ̀, tàbí tó béèrè pé “Ṣé mo lè lọ ṣeré?”, ẹ jẹ́ kó lọ. Kò túmọ̀ sí pé kò gbọ́ tàbí pé kò dùn ún. Ọmọdé kì í gbé ìbànújẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí àgbà. Yóò gbé díẹ̀, yóò sọ ọ́ sílẹ̀, yóò tún padà wá gbé e. Bí ìyá bá sunkún, kò burú. Kó sọ pé “Inú mi bà jẹ́, mo sì máa dáa. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ láti rẹ̀ mí lẹ́kún.” Ohun tó burú ni kí ó di ọmọ mú, kó máa sunkún sí i lọ́rùn títí ọmọ yóò fi di olùtùnú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì, ẹ dán ohun tó gbọ́ wò. Ẹ bi í pé, “Bí àbúrò rẹ bá bi ẹ́ ohun tí a sọ láàárọ̀, kí lo máa sọ fún un?” Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi ibi tó ṣì í lóye hàn yín. Nínú ìdílé àpẹẹrẹ wa, ọmọ náà lè sọ pé, “Màmá ń lọ sí Kabba nítorí ariwo pọ̀ níbí.” Òbí tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní kọjá lórí ìyẹn. Ariwo ta ni? Ó lè jẹ́ ariwo tirẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ ló rò pé ó lé ìyá wọn jáde. “Ariwo tèmi àti ti bàbá rẹ ni mo sọ. Ariwo tí ẹ̀yin ń pa nígbà tí ẹ bá ń ṣeré kò dí mi lọ́wọ́ rí.” Ẹ lè ní láti tún èyí sọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Kàlẹ́ńdà wúlò gan-an níbí. Kò sí ilé wa tí kò ní ọ̀kan lára ògiri, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ìsìnkú ẹnì kan. Ẹ mú ọ̀kan tí àyè wà nínú àwọn àpótí ọjọ́ rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tó. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi báírò pupa yí Jímọ́ọ̀ àti Sátidé ká, kó fi búlúù yí àwọn ọjọ́ yòókù. Pupa ni Kabba, búlúù ni Aiyetoro. Kí ó tó sùn lálẹ́, kí ó fa ìlà sórí ọjọ́ tó parí. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ohun tí “lópin ọ̀sẹ̀” jẹ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó lè ka àpótí búlúù mélòó ló kù kí pupa tó dé. Ẹ ra ọ̀kan náà sí ilé Kabba, kí àwọ̀ rẹ̀ bára mu. Nígbà tó bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí aṣọ ìsùn kan àti bàtà kan máa wà níbẹ̀ fún un, kó má baà máa di ẹrù bí àlejò ní gbogbo Jímọ́ọ̀.

Àwọn ìbéèrè yóò máa wá láìròtẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń dì í nírun tàbí tí ẹ bá wà lórí ọ̀kadà. “Ṣé ẹ máa padà máa gbé pọ̀?” Bẹ́ẹ̀ kọ́, ni ìdáhùn, ní ohùn pẹ̀lẹ́. “Jẹ́ ká máa gbàdúrà” kì í ṣe ìdáhùn fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó sọ fún un pé bí òun bá gbàdúrà dáadáa, ilé yóò padà tò, bí kò bá sì tò, àdúrà òun ni kò tó. “Ta ló ṣẹ̀?” “Ọ̀rọ̀ àárín èmi àti bàbá ẹ ni, ọmọdé kì í dájọ́ rẹ̀. O lè fẹ́ràn àwa méjèèjì.” “Ọ̀dọ̀ ta ni mo máa gbé?” Ẹ má ṣe dá ìbéèrè yìí padà sí i lọ́rùn pé “Ta lo fẹ́?” Mo ti rí àgbàlagbà tó pe èyí ní ọ̀wọ̀ fún ọmọ. Ọmọ tó bá yan ìyá ti kọ bàbá, yóò sì máa rò ó pé òun ló tú ilé ká níkẹyìn. Ẹ̀yin ni kí ẹ yàn. Bí ẹ kò bá lè yàn, ilé ẹjọ́ ni yóò yàn.

Ó sì yẹ kí ẹ mọ díẹ̀ nípa ilé ẹjọ́ kí ẹ má baà ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ilé ẹjọ́ gíga ló lè tú u ká. Bí ó bá jẹ́ ti àṣà ìbílẹ̀, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Okun, bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá dé, ẹbí ọkọ a máa sọ pé “ọmọ ilé wa ni, kò níbi tó ń lọ.” Ní ti ìran àti orúkọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ní ti ibi tí ọmọ yóò máa sùn, abala 71 nínú òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti 1970 sọ pé ohun tó dára fún ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ gbé ṣáájú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 náà gbé ire ọmọ ṣáájú bákan náà. Lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga, oṣù mẹ́ta ló sábà máa ń kọjá kí ìtúká tó di àṣepé. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé “kọ́ọ̀tù máa fún mi ní ẹ” tàbí “bí adájọ́ bá ti sọ̀rọ̀, o ò ní lọ sí Kabba mọ́.” Ohun tó dájú nìkan ni kí ẹ sọ: “Ní táàmù yìí, báyìí la ó ṣe máa ṣe é. Bí yóò bá yí padà, a ó sọ fún ẹ ṣáájú.”

Ẹ sọ gbólóhùn kan fún olùkọ́ rẹ̀, kí ó lè mọ ìdí tí ọmọ fi lè máa sunkún ní Mọ́ńdè. Kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣọ́ ọmọ. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ibùsùn lè tún bẹ̀rẹ̀, inú lè máa run ún láàárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, ó lè máa dì mọ́ yín bí ọmọ ọdún méjì. Ẹ má nà án, ẹ má sì fi ṣẹ̀sín níwájú àwọn ọmọ agboolé. Ó sábà máa ń lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ọjọ́ pupa àti ọjọ́ búlúù kò bá yẹ̀. Bí ó bá ń lọ sí oṣù mẹ́ta tí kò dínkù, tàbí tí kò jẹun, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré, tàbí tí ó ń sọ pé ì bá dára ká ní òun kò sí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Àmì kan wà tí gbogbo agboolé máa ń yìn tí kò sì yẹ ní yíyìn. Ọmọ náà á dédé di ọmọ dáadáa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti mú ọwọ̀, ó ń gbá ojúlé, ó gbá ewé lábẹ́ igi màngòrò tí ẹnikẹ́ni kò rán an sí. Ó fọ abọ́ àbúrò rẹ̀. Kò sunkún mọ́, kò béèrè nǹkan kan. Màmá àgbà á sọ pé, “Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ọ́ di àgbà.” Ọ̀pọ̀ ìgbà, àdéhùn ló ń bá yín ṣe láìsọ ọ́: bí mo bá dára tó, Màmá á padà. Ẹ gba ọwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ pé, “O ṣeun tó o gbálẹ̀. Ṣé o rò pé bí o bá ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, màmá ẹ á padà wá máa gbé níbí? Kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ohun tó o ṣe kọ́ ló gbé e lọ, ohun tó o bá ṣe kọ́ ló sì máa gbé e padà. Lọ ṣeré.” Kò ní gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ tún un sọ lọ́sẹ̀ kejì.

Ẹ̀bi a máa yọ́ wọlé lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ dáadáa tán. “Sọ fún bàbá ẹ pé owó ilé ìwé kò tíì dé” ti sọ ọmọ di agbowó, ó sì ti sọ fún un pé bàbá ò ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹ bára yín sọ̀rọ̀ owó lórí fóònù, nígbà tí ọmọ kò sí nítòsí. “Bàbá ẹ gan-an lo jọ yìí!” nígbà tó bá ṣàìgbọràn sọ fún un pé ìdajì òun burú. Bákan náà ni bíbi í ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè pé ta ni àwọn bá nílé Kabba, kí ni wọ́n jẹ. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ sọ pé “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ẹ fi sílẹ̀.

Nǹkan yàtọ̀ níbi tí lílù bá ti wà. Bí ọkọ bá ń lu ìyàwó, tàbí ìyàwó ń lu ọkọ, ẹ má ṣe wá ìjókòó àjọṣe kankan, ẹ má sì sọ ọjọ́ tí ẹ ń kó lọ fún ọmọ ṣáájú, nítorí ẹrù ìkọ̀kọ̀ yẹn wúwo jù fún un, ó sì lè fi ẹ̀mí sínú ewu. Ẹni tó wà pẹ̀lú ọmọ ni kó sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ti dé ibi tó láàbò. Ọmọ ti rí lílù náà; bí ẹ bá sọ pé “àwa méjèèjì ló ń jiyàn,” ẹ kọ́ ọ pé ohun tí ojú òun rí kì í ṣe òótọ́. Ẹ sọ ìwà náà, ẹ má dá ènìyàn náà lẹ́jọ́: “Kò dára kí ẹnikẹ́ni lu ẹnikẹ́ni, àgbà tàbí ọmọdé. Lílù wà nílé wa, àwọn àgbà sì ní iṣẹ́ láti dá a dúró, ìdí nìyí tí a fi wà níbí. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Bí ọkàn rẹ bá ń fà sí bàbá rẹ, kò burú, o lè sọ fún mi.”

Bí ẹnì kejì bá sì kọ̀ láti jókòó, tàbí tó ti lọ tí kò gbé ìpè, ẹ máa bá iṣẹ́ náà lọ nìkan pẹ̀lú gbólóhùn kan náà, kìkì pé ẹ ó yọ ìlérí tí kò sí lọ́wọ́ yín kúrò. Ẹ má sọ pé “Bàbá máa wá ní Sátidé” nítorí pé ẹ fẹ́ kó wá. Ẹ sọ pé, “Mi ò tíì mọ ọjọ́ tí a ó rí Bàbá. Bí mo bá ti mọ̀, o máa gbọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo máa wá mú ẹ nílé ìwé lọ́la, màmá àgbà ni ní ọ̀túnla.”